Bí Òbí Ṣe Lè Kọ̀wé sí Olùkọ́ Kíláàsì Láti Bèèrè Àyè Ìjíròrò lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọ

Lẹ́tà tí kò sọ ju pé “ọmọ mi kò ṣe dáadáa mọ́” kò fún olùkọ́ ní ohun tó lè dì mú. Nítorí náà, kí ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn kàyé ọmọ náà jáde, kí ẹ wo ibi tí àmì pupa pọ̀ sí.

Ká ní ọmọ yín wà ní kíláàsì CE2 ní Kétu, tí máàkì ìṣirò rẹ̀ sì ti wálẹ̀ láti 14 lórí 20 sí 8. Ẹ má tíì bá a wí. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gba ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n kọ ní nọ́ńbà lásán, àmọ́ tó ń kùnà èyí tí wọ́n fi gbólóhùn Faransé gbé kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíkà ló ń dà á láàmú, kì í ṣe ìṣirò. Ohun tí ẹ rí yìí gan-an ni kí lẹ́tà yín gbé dání, láìsí ìdájọ́ kankan lórí olùkọ́:

“Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Èmi ni ìyá Àdùkẹ́ tó wà ní kíláàsì yín. Mo rí i nínú kàyé rẹ̀ pé ó ń gba ìṣirò tí a kọ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni ó ti ń kùnà èyí tí a fi gbólóhùn kọ. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà ń rí nínú kíláàsì, kí n lè mọ bí n ó ṣe ràn án lọ́wọ́ nílé. Ǹjẹ́ ẹ lè fún mi ní ìdajì wákàtí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ jẹun? Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọjọ́ tó wù yín sínú kàyé rẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Ọjọ́ méjì tí ẹ dárúkọ yẹn ló ń mú kí èsì rọrùn. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bí olùkọ́ kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ní kí ẹnì kan kọ ọ́ ní Faransé, kí ó sì kà á padà fún yín ní Yorùbá gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì, torí ẹni tó ń báni kọ̀wé a máa fi ẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀sùn tí a kò sọ kún un. Ẹ fi orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀, kí ẹ dì í pa kí ọmọ tó mú un lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ kí olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ bèèrè bóyá lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ.