Bí a ṣe ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òrí ní Nàìjíríà ká tó sanwó

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba tó fẹ́ máa kó òrí wọlé láti agbègbè Òkè-Ògùn kì í sábà kọsẹ̀ nídìí iye owó. Ibi àpẹẹrẹ ọjà ni wàhálà wà. Mo mọ àwọn tí wọ́n fi òrí dáadáa ránṣẹ́ sí nínú ike kékeré, tí wọ́n sanwó tán, tí ohun tó dé sí èbúté kò sì jọ ti inú ike rárá.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ kí wọn, ẹ sọ orúkọ yín, iye tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ká ní 500 kílò ni, nínú káàtúnù 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25. Ẹ béèrè orúkọ àti nọ́ńbà tí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, fún wọn, ìwé-ẹ̀rí tí àjọ ìjọba NEPC ń fún àwọn tó ń kó ọjà jáde, àti ẹni tí yóò kọ̀wé kún NXP, fọ́ọ̀mù tí a fi ń kéde ọjà tó ń jáde, ní báńkì. Ẹni tí kò mọ NXP kò tíì kó ọjà jáde lọ́nà tó tọ́ rí. Ẹ má gba fọ́tò ìwé-ẹ̀rí lásán. Ẹ fúnra yín wá orúkọ náà lójú òpó CAC. RC ni nọ́ńbà kóńpínì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, BN sì ni ti orúkọ òwò. BN kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní kóńpínì tó sì mú BN wá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Wáṣáàpù dára fún ìkíni. Ímeèlì ni kí ẹ fi ṣe àdéhùn.

Ó wá kan àpẹẹrẹ ọjà. Ike tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kàn ń fi hàn pé wọ́n lè ṣe òrí tó dára ni. Kò sọ ohunkóhun nípa 500 kílò tiyín, torí ẹnikẹ́ni lè ṣa èyí tó dára jù sínú ike. Àpẹẹrẹ tó ṣe pàtàkì ni èyí tí a bù nínú ọjà yín gan-an lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í tán. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ jọ̀wọ́ mà, tí káàtúnù 20 bá ti pé, ẹ má tíì gbé e jáde. Àbúrò mi yóò wá bù nínú márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn, látòkè dé ìsàlẹ̀. A ó pò ó pọ̀, a ó pín in sí mẹ́ta, a ó sì lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú yín: ọ̀kan fún ilé àyẹ̀wò, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ wa.”

Ẹ kíyè sí “látòkè dé ìsàlẹ̀”. Òrí gidi lè wà lójú káàtúnù kí àdàlù wà nísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí “tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn” náà: tí ilé-iṣẹ́ bá yan káàtúnù fún yín, ẹ ti padà sídìí ike kékeré nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà lè ṣe é, àmọ́ owó wọn pọ̀ jù fún ẹrù kékeré. Ẹbí tó lójú inú tó, àfi tí ó bá jẹ ilé-iṣẹ́ náà lówó.

Àdín ni wọ́n sábà máa ń dà mọ́ òrí, ojú kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí ilé àyẹ̀wò wọn iye pótáṣì tí òrí náà ń gbà kó tó di ọṣẹ. Ti òrí kì í sábà tó 200 mílígíráàmù fún gíráàmù kan. Ti àdín máa ń tó 230 tàbí kó lé. Nítorí náà, tí èsì bá jẹ́ 205, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àdàlù díẹ̀ lè sá mọ́ nọ́ńbà yìí lójú, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n wo ìpín tí kì í di ọṣẹ pẹ̀lú. Ó pọ̀ nínú òrí, ó kéré gan-an nínú àdín. Yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísìrì ní yunifásítì lè ṣe méjèèjì.

Owó kò le lẹ́yìn èyí. Ìdá 30 nínú 100 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 70 lẹ́yìn tí èsì bá dára tí ẹ sì ti rí ẹ̀dà ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun. Ìwé tí báńkì fi ń ṣe onídùúró owó náà wà, àmọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ èrè 500 kílò tán. Inú àkáǹtì dọ̀mì tó jẹ́ orúkọ tó wà ní CAC gan-an ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti ọ̀gá tàbí ọkọ rẹ̀. Tí ímeèlì bá dé lọ́jọ́ ìsanwó pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ẹ má fèsì sí i. Ẹ pe nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ń pè tẹ́lẹ̀, kí ẹni tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ ka àkáǹtì náà fún yín.