Ẹ̀yin kọ́ ni ẹnì kẹta: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí tọ́ọ̀dì pátì àti kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù

Bàbá kan tó ń ta pákó ní Bódìjà, n'Íbàdàn, gbé ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wọn wá bá mi lọ́jọ́ kan. Kòróòlà wọn ti fi imú kọlu ẹ̀yìn jíìpù kan ní Mókólá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká sókè, omi ń kán sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Mo ti sanwó ọdún yìí o. Bá mi pe àwọn ìnṣọ́ránsì kí wọ́n wá tún un ṣe." Mo ṣí ìwé náà: tọ́ọ̀dì pátì ni, ₦15,000. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Jíìpù yẹn ni ìwé yìí máa tún ṣe, kì í ṣe ọkọ̀ tiyín." Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbá ọkọ̀ náà.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn, inú orúkọ ìwé náà gan-an ló sì fara pamọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀ ni ẹnì kìíní. Iléeṣẹ́ adójútòfò tó gba owó yín ni ẹnì kejì. Ẹnì kẹta, tí òyìnbó ń pè ní tọ́ọ̀dì pátì, ni ẹni tí ọkọ̀ yín ṣe ní jàǹbá: ẹni tó fara pa tàbí tó kú, ẹni tẹ́ ẹ ba ọkọ̀ tàbí ògiri rẹ̀ jẹ́. Tọ́ọ̀dì pátì, ẹnì kẹta nìkan ló ń sanwó fún. Bí ọkọ̀ tiyín bá jóná, bí olè bá gbé e, bó bá wó mọ́ òpó iná, kò sí kọ́bọ̀ tó máa wọ ọwọ́ yín. Kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù ń ṣe gbogbo ohun tí tọ́ọ̀dì pátì ń ṣe fún ẹnì kẹta, ó sì tún ń dáàbò bo ọkọ̀ tiyín lọ́wọ́ jàǹbá, iná àti olè. Òfin mú tọ́ọ̀dì pátì ní dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rin títì, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń béèrè rẹ̀ lójú pópó láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025. Kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù, ẹni tó bá wù ló ń rà á.

Àṣìṣe kejì ni pé àwọn èèyàn rò pé owó dúkìá ẹnì kẹta kò lópin. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó tọ́ọ̀dì pátì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni láti ₦5,000 sí ₦15,000. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé òpin ohun tí iléeṣẹ́ máa san lórí dúkìá ẹnì kẹta láti mílíọ̀nù kan náírà sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Ó dà bí owó rẹpẹtẹ, àfi tẹ́ ẹ bá lọ béèrè iye iná ẹ̀yìn jíìpù ìgbàlódé kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti bàbá. Àtúnṣe jíìpù náà jẹ́ ₦3,800,000. Iléeṣẹ́ san mílíọ̀nù mẹ́ta, ₦800,000 tó kù wá ń wo bàbá lójú. Àtúnṣe Kòróòlà tiwọn jẹ́ ₦650,000. Àpapọ̀ ohun tó jáde lápò wọn jẹ́ ₦1,450,000.

Ṣé kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù ni wọn ì bá ti rà nígbà náà? Ẹ má tíì sáré dáhùn. Owó kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, NAICOM ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ni Kòróòlà bàbá, ìyẹn ₦250,000 lọ́dún. Ìwé náà ì bá ti tún Kòróòlà ṣe, àmọ́ ó sábà máa ń ní iye tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦65,000 ni bàbá máa san, ₦585,000 ni wọ́n máa gbà. Ti ₦800,000 jíìpù ńkọ́? Bí òpin ẹnì kẹta bá wà ní mílíọ̀nù mẹ́ta nínú ìwé yẹn náà, ọrùn bàbá ló ṣì máa wà.

Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà ni bàbá ti fi ń wa ọkọ̀ náà láti ilé sí ọjà láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ní iye tòní, ₦235,000 tó wà láàárín ìwé méjèèjì, ní ọ̀nà mẹ́fà, jẹ́ ₦1,410,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká gbogbo gbèsè náà. Lójú tèmi, bàbá kò ṣi ìwé rà. Ohun tí wọ́n ṣì ṣe ni pé wọn ò tọ́jú owó kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sì béèrè bóyá àwọn lè fi owó díẹ̀ kún un kí òpin ẹnì kẹta lè ga sí i.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó yá owó kọpuréétì ra tòkúnbọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. ₦700,000 lọ́dún á dùn ún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé ọkọ̀ náà lóṣù kẹta, kọpuréétì ò ní dẹ́kun àtiyọ owó nínú owó oṣù rẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń bi èèyàn nìyí: bí ọkọ̀ yìí bá pòórá lálẹ́ òní, ṣé ẹ lè ra òmíràn láìjẹ gbèsè? Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sanwó kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù. Bó bá jẹ́ olè àti iná nìkan lẹ̀ ń bẹ̀rù, ìwé kan wà láàárín méjèèjì, tọ́ọ̀dì pátì tó fi iná àti olè kún un. Ọkọ̀ tó bá ti gbó gan-an, iléeṣẹ́ mìíràn kì í gbà á sí kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù rárá.

Àwọn tó ra kọmpírẹ́hẹ́nsíìfù náà ní àṣìṣe tiwọn, iye ọkọ̀ ló sì sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ẹni tó pe ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́wàá ní mílíọ̀nù mẹ́fà kí owó ọdún lè dín ń tan ara rẹ̀ jẹ: bí olè bá gbé e, mílíọ̀nù mẹ́fà ló pọ̀ jù tó máa rí. Ẹni tó pè é ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ò ní rí mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ́jọ́ jàǹbá ni wọ́n máa wò. Ẹ tún bi wọ́n léèrè bóyá omíyalé àti ìjà ìgboro wà nínú ìwé náà, torí nínú ọ̀pọ̀ ìwé, àfi kí ẹ fi owó kún un. Ẹ má sì fi ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ara ẹni gbé èrò gba owó. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, iléeṣẹ́ lè ní àwọn ò san.

Lójú títì wàyí. Ẹni tí wọ́n gbá máa ń jà, á gba ₦50,000, á sì máa lọ, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹnì kẹta tí owó náà wà fún. Ẹ ya àwòrán ọkọ̀ méjèèjì àti nọ́ńbà wọn kí wọ́n tó sún wọn kúrò, ẹ gba orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò ẹni tó gbá yín, kẹ́ ẹ sì gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbá èèyàn, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ bó bá fara pa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa sanwó kí iléeṣẹ́ yín tó mọ̀ sí i.

Nígbà tí ọdún yípo, bàbá tún ra tọ́ọ̀dì pátì, wọ́n sì ní kí iléeṣẹ́ bá àwọn gbé òpin ẹnì kẹta sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn ṣí askniid.org, ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀. A tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀. Orúkọ wọn jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé náà máa parí. Ọmọ wọn tó dúró tì wá yọ ìwé tiẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. A tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.