Ẹ má fọwọ́ tẹ nọ́ńbà àkọlé nínú tíísìsì yín
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Word kọ tíísìsì, ẹ jẹ́ kó máa bá yín ka nọ́ńbà àkọlé. Ẹ fi Heading 1 sí àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, Heading 2 sí ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá mú “1 Heading 1, 1.1 Heading 2” nínú Multilevel List. Inú àwọn àkọlé yìí kan náà ni Table of Contents ti ń mú ohun tó ń tò. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ yọ 2.3 kúrò, 2.4 á di 2.3 lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ojú ìwé àkóónú kì í yí padà bẹ́ẹ̀ o: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ F9, kí ẹ yan Update entire table kí ẹ tó lọ tẹ̀wé.