Púùlù tí wọ́n ní ó gùn ní mítà 25

10,000 náírà ni ọlọ́kọ̀ ojú omi gbà lé iye tí a jọ ná ní etíkun Tarkwa, l'Ékòó. Mo ti sọ fún un pé wákàtí kan péré ni n ó fi wẹ kìlómítà 3 kí ó máa bá mi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú 84 ni mo lò. Kò sóhun tó ṣe mí, iṣan ò fà mí, omi náà ò sì le lọ́jọ́ yẹn. Ìṣirò tí mo gbé lọ láti Ìbàdàn ló burú.

Báyìí ni mo ṣe ṣe ìṣirò ọ̀hún. Nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní apá Bódìjà ni mo ti ń ṣe ìdánrawò, nítorí omi Ẹlẹ́yẹlé àti ti Aṣéjìrẹ́ tí a ní nítòsí, omi tí ìlú ń mu ni. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀ pé mítà 25 ni gígùn púùlù. Mo wẹ̀ ẹ́ láti ògiri dé ògiri nígbà 60 láìdúró, ó gbà mí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú géérégé. 60 lọ́nà 25 jẹ́ 1,500, nítorí náà ìṣẹ́jú 2 ni péèsì mi lórí 100 mítà. Kìlómítà 3 ní 100 mítà lọ́nà 30, ó di wákàtí kan. Mo tilẹ̀ ń yangàn pé n kò ṣe bí àwọn tó ń wẹ 100 mítà, tí wọ́n á sinmi, tí wọ́n á tún wẹ 100 mítà, tí wọ́n á wá máa fi péèsì yẹn ṣírò omi gbalasa. Ìsinmi ogún ìṣẹ́jú àáyá tí wọn ò kà yẹn ló ń bá wọn ṣeré.

Ìgbà tí mo padà dé ni mo ní kí n wọn púùlù náà. Ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta!

Lọ́jọ́ kìíní, mo lọ ra okùn náílọ́nù ní Ògùnpa. Mo fà á le láti ògiri dé ògiri, mo so kókó sí i, mo wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ wọ̀n nílé. Ó jẹ́ mítà 20.7. Kò yé mi, àfi ìgbà tí mo rántí pé náílọ́nù máa ń fà, pàápàá tó bá tutù. Nínú omi ó nà, nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfà á, ó sún kì. Okùn tó bá ń fà kò ṣeé fi wọn nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú téèpù káfíńtà lọ. Mítà 5 ló gùn, mo sì ń sún un díẹ̀díẹ̀ lórí etí púùlù níta. Ó fún mi ní 22.4. Irọ́ tún ni, nítorí ẹ̀gbẹ́ púùlù yẹn tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá sì ń wọn ọ̀nà tó tẹ̀ yóò rí i kó gùn ju ti ẹni tó ń wẹ lọ tààrà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táìlì etí púùlù yọ jáde kọjá ògiri tí ẹsẹ̀ ń tì nísàlẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó ni ẹ̀ṣọ́ ti dé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé máníjà mọ̀ sí i? Ẹ ò lè máa wọn ilẹ̀ onílẹ̀ báyìí.” Máníjà ti jáde. Ọjọ́ yẹn parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yá téèpù gígùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ sọ́fẹ́yọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ọmọ tó ń tọ́jú púùlù bá mi di orí kan mú mọ́ ògiri ní ojú omi gan-an, èmi di orí kejì, ní ọ̀nà tí mo máa ń gbà wẹ̀. A fà á le kó má ṣe rọ̀ láàárín. Mítà 21.5. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Ẹ wò ó: 60 lọ́nà 21.5 jẹ́ 1,290 mítà. Péèsì mi kì í ṣe ìṣẹ́jú 2 mọ́, ó ti di ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 19 ààbọ̀. Pátákó yẹn nìkan jẹ nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10 nínú kìlómítà 3 mi. Ẹni tó bá ń lo aago ọwọ́ pẹ̀lú, ibi tí wọ́n kọ `Pool Size` sí ni kó ti tún un ṣe, torí aago kì í wọn púùlù, ó kàn ń ka iye ìgbà tí èèyàn yí padà ni.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 70 kọ́ ni 84. Ògiri ló kó èyí tó tẹ̀lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo ń yọ́ lọ bíi mítà 4 tàbí 5 lọ́fẹ̀ẹ́, nínú omi gbalasa kò sì sí ògiri. Bí púùlù bá ṣe kúrú tó ni ẹ̀bùn yìí ń pọ̀ tó. Mo fi aṣọ pupa sàmì sí etí púùlù ní mítà 6 àti ní mítà 16, ẹnì kan dúró pẹ̀lú aago, ó ń ka àkókò tí orí mi fi kọjá láti àmì kan dé èkejì. Ó ṣe é nígbà mẹ́wàá, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ọwọ́ tó ń tẹ aago lè pẹ́. Àáyá 14.8 ló jẹ́ ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ni péèsì mi láìsí ògiri: ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 28. Lọ́nà 30, ìṣẹ́jú 74.

Èyí tó kù, ọ̀nà wíwọ́ ni. Aago mi tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ní 3,240 mítà ni mo wẹ̀, kì í ṣe 3,000. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ọ̀tún nìkan ni mo ti ń mí, mo sì ń ya sósì láìmọ̀. Èyí ṣeé mọ̀ nínú púùlù: ẹ dijú ní àárín, ẹ fi ọwọ́ wa omi nígbà mẹ́wàá, kí ẹ wá lajú wo ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti lọ. Ìdá 8 yìí sọ 74 di 80, mo sì dúró lẹ́ẹ̀mẹta mumi, ìṣẹ́jú kan kan. 83. Èyí tó kù, àárẹ̀ ni.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ń gbójú sókè wo ọ̀nà bí mo bá ti fi ọwọ́ wa omi nígbà mẹ́fà, mo sì mú ohun gíga kan tó wà lẹ́yìn ike pupa tó léfòó níbi tí mo ń wẹ̀ lọ ṣe àmì, torí ìgbì máa ń bo ike náà mọ́lẹ̀. Mo ka ọ̀nà wíwọ́ sí ìdá 4, ó di 77, pẹ̀lú 3 ti omi mímu, 80. Mo sọ fún ọlọ́kọ̀ pé wákàtí kan ààbọ̀. Ó gba owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 81 ni mo lò, kò sì dá owó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó kù padà fún mi.