Bí mo ṣe bá wọn pín igi obì bàbá wa àgbà

Igi gbànja 36 ni bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ lóko, lẹ́yìn Ṣágámù. Ọmọ mẹ́ta ló bí: àǹtí àgbà, dádì mi àti Bàbá Kékeré. Èmi ni wọ́n ní kí n pín in, torí pé mo mọ ìṣirò.

Ìṣirò yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ka igi 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti etí ọ̀nà lọ sí odò, ó parí. Àǹtí lọ wo tiẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ariwo: igi mẹ́jọ nínú 12 rẹ̀ kì í so, òdòdó lásán ló ń yọ. Ìhà odò, tí obì ti ń so dáadáa, ló bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Kíá ni wọ́n ní dádì mi ló kọ́ mi. Odidi oṣù kan, Àǹtí ò jẹun nílé wa.

Màmá àgbà ló ránṣẹ́ pe gbogbo wa. Ó ní, “Ìwé Òwe, orí kejìdínlógún, ẹsẹ kejìdínlógún: kèké ló ń parí ìjà, òun ló ń là láàrin àwọn alágbára. Ẹ̀yin sì rèé, alágbára ni yín.” Mo rò pé kèké yẹn la máa ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá, tí ìpín ò bá dọ́gba, kèké kàn máa sọ ẹnì kan di olóríburúkú ni.

Mo padà sóko pẹ̀lú ẹni tó ń bá wa ká obì. Ìdí igi la kọ́kọ́ ń wò: èyí tó ń so, èèpo obì ọdún tó kọjá á ti kún abẹ́ rẹ̀, èyí tí kì í so, ewé gbígbẹ nìkan. Igi 21 ló ń so, 15 kì í so. A wá fi méje tó ń so àti márùn-ún tí kì í so ṣe ìpín kan, a so aṣọ pupa, funfun tàbí dúdú mọ́ igi kọ̀ọ̀kan. Àwọn igi ìpín kan ò wà lójú kan mọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igi nìkan la pín. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ẹnikẹ́ni ò lè tà á.

Kí a tó ṣẹ́ kèké, Màmá bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: “Èyíkéyìí tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, ṣé wàá gbà á?” Bàbá Kékeré nìkan ló pẹ́ kó tó dáhùn. Màmá so òwú aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ gbànja mẹ́ta, ó kó wọn sínú fìlà bàbá wa, ó ní kí ọmọ mi tó kéré jù mú un fún wọn.

Pupa bọ́ sí Àǹtí. Màmá gba àwọn gbànja náà padà, ó tú òwú ara wọn, ó la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó sì pín in fún wa jẹ. Àǹtí ní tòun korò jù.