Ìdí Tí Línkì Tí A Ṣètò Sílẹ̀ Fi Ń Jáde Láìní Káàdì

Ẹ má fi aago kan náà sí àpilẹ̀kọ orí ìkànnì yín àti pósìtì tó máa gbé línkì rẹ̀ jáde. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù, nítorí ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu: kí méjèèjì jáde pa pọ̀ láàárọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bá ni línkì lásán, kò sí káàdì tó máa ń fi àwòrán àti àkọlé rẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtajà àdìrẹ kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó ń bá ìyá aláṣọ bójú tó ìkànnì kọ àpilẹ̀kọ nípa aṣọ ọdún Ọlọ́jọ́ sórí WordPress lálẹ́ Jímọ̀, ó ní kó jáde ní 7:00 àárọ̀ Sátidé. Ó da línkì rẹ̀ sínú pósìtì Facebook, ó ṣètò òun náà sí 7:00. Ilẹ̀ mọ́, pósìtì jáde, káàdì ò sí.

Káàdì yẹn kì í ti inú pósìtì wá. Róbọ́ọ̀tì Facebook ló máa ń lọ sí ojú ìwé náà, tí á ka àmì `og:title` àti `og:image` tó wà nínú rẹ̀, tí á sì tọ́jú ohun tó rí. Lálẹ́ Jímọ̀ tí wọ́n da línkì sílẹ̀ ni ó ti lè lọ. Àpilẹ̀kọ ò tíì jáde nígbà yẹn, 404 ni ó bá, ìyẹn ni pé kò rí ojú ìwé náà, ohun tó sì lè tọ́jú nìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní àárọ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ, wàhálà méjì ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ kò bá tíì yan Lagos ní Timezone lábẹ́ Settings, General, aago UTC ni WordPress lè máa lò, 7:00 tirẹ̀ sì jẹ́ 8:00 wa. Èkejì ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: WordPress fúnra rẹ̀ kì í jí láti gbé àpilẹ̀kọ jáde. Ó ń dúró de àlejò tó máa ṣí ìkànnì náà ni. Lórí ìkànnì kékeré tí ẹnikẹ́ni ò yà sí ní kùtùkùtù, ó lè jẹ́ róbọ́ọ̀tì Facebook ni àlejò àkọ́kọ́. Ìbẹ̀wò rẹ̀ ló jí iṣẹ́ náà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti gba 404 lọ.

Ẹ má sì fi fóònù tí ẹ ti wọlé sí ìkànnì dán an wò. “Mọ̀mí, ó ń ṣí lọ́dọ̀ mi o,” lọmọ náà á wí, òótọ́ sì ni, nítorí WordPress ń fi ojú ìwé tí kò tíì jáde han ẹni tó ni ín. Ojú Incognito ni kí ẹ ti ṣí i, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí róbọ́ọ̀tì rí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gbé àpilẹ̀kọ jáde ṣáájú, ó kéré tán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, kí ẹ tó da línkì rẹ̀ síbikíbi. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí Sharing Debugger ní `developers.facebook.com/tools/debug`, ẹ da línkì sí i, kí ẹ wo Response Code. Bí ó bá jẹ́ 404, tàbí tí Time Scraped bá jẹ́ ti àná, ẹ tẹ Scrape Again títí tí 200, ìyẹn ni pé ó ti rí ojú ìwé náà, àti àwòrán á fi hàn. Kí ẹ wá yọ línkì kúrò nínú pósìtì tí ẹ ti ṣètò, kí ẹ tún un dà sí i, nítorí pósìtì àtijọ́ lè ṣì gbé òfìfo ti tẹ́lẹ̀ dání.

Nígbà mìíràn àkọlé á jáde, àwòrán ò ní sí. Facebook ṣì ń wọn àwòrán náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ pín in. Bí ẹ bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kò ní dúró wọ̀n ọ́n mọ́:

```
<meta property="og:image:width" content="1200">
<meta property="og:image:height" content="630">
```

Àwọn kan gbà pé kí a kàn fi `?v=2` sí ìdí línkì, kí ó lè dà bíi línkì tuntun. Lórí Facebook, asán ni ó sábà máa ń já sí, torí bí `og:url` bá ṣì tọ́ka sí àdírẹ́sì àtijọ́, ibẹ̀ náà ni róbọ́ọ̀tì á padà sí. Lórí WhatsApp, ó lè ṣiṣẹ́, nítorí fóònù ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ló ń ṣe káàdì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró kí káàdì yọ lókè ibi ìkọ̀wé kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sí bọ́tìnì tó lè mú un jáde mọ́.

Ti LinkedIn ni Post Inspector, ní `linkedin.com/post-inspector`. Kì í tún pósìtì tó ti jáde ṣe, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé síta nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Bí ti àárọ̀ bá ti jáde lófìfo, tí èèyàn ò sì tíì sọ̀rọ̀ sí i, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un gbé.