Kí ló dé tí ojú àwọn ẹgbẹ́ kò dọ́gba lórí kàlẹ́ńdà?

Bọ̀ọ̀dá, mo fa fọ́tò náà kó lè kún àyè rẹ̀, ojú bá fẹ̀ bí àwo.

Ẹ má fa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú Photoshop, ẹ jẹ́ kí `W` àti `H`, ìyẹn fífẹ̀ àti gíga, so pọ̀.

Gbogbo fọ́tò ni mo gé dọ́gba, síbẹ̀ orí àwọn kan tóbi ju ti àwọn yòókù.

Ọdọọdún ni mò ń dáhùn èyí, bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn régbérégbé n'Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe kàlẹ́ńdà. Fọ́tò lẹ wọ̀n, ẹ ò wọn ojú. Ẹ má sì tọ orí lọ, torí gèlè ga ju fìlà, irùngbọ̀n sì ń bo àgbọ̀n. Àárín ọmọlójú méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Bí ọrùn ẹni náà bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ yí i kí ẹyinjú méjèèjì bọ́ sórí ìlà kan. Èmi máa ń fi gbogbo wọn sí 120 píksẹ́lì. Bí ti fọ́tò kan bá jẹ́ 80, ẹ fi 80 pín 120, ẹ tẹ `Ctrl+T`, kí ẹ kọ `150%` sí `W`.

Mo wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti ìyá kan ṣì tóbi ju ti gbogbo ẹgbẹ́.

Ojú mi rí màbo lórí èyí. Èèyàn 24 ni mo ń tò. Ìyá kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí yẹtí iyùn rẹ̀ lè hàn. Mo bá 80, mo sọ ọ́ di 150%, ló bá dà bí ẹni tó dúró níwájú gbogbo wọn. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, 120 náà ni. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó yé mi: béèyàn bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyinjú méjèèjì á súnmọ́ra nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n gígùn ojú kì í dín.

Mo wá wọ̀n láti ìlà ẹyinjú sí ibi tí imú ti pàdé ètè òkè, torí ẹ̀rín kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ibẹ̀ padà. Tàwọn tó kọjú síwájú tí mo ti tò jẹ́ nǹkan bí 90. Nínú fọ́tò tìyá, 72 ni. Ẹ fi 72 pín 90, `125%` lẹ máa rí. 150% tí mo lò ti sọ ọ́ di 108, ó fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe yí i padà ló bá wọn jókòó.

Fún ẹni tó tẹríba tàbí tó gbójú sókè, gígùn ló ń dín. Àárín ọmọlójú ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó tẹríba tó tún yíjú, ẹ gba fọ́tò mìíràn. Bó bá jẹ́ olóògbé tí kò ní òmíràn, ẹ gbé e fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́.

Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, ojú ń ṣú bàìbàì.

Bó bá ti kọjá 200%, ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó fọ́tò ránṣẹ́ bíi `Document` lórí WhatsApp. Bí kò bá sí, ẹ dín 120 gbogbo ẹgbẹ́ kù sí 90.